Ohun Tí Òpó Lè Sọ, àti Ibi Tó Ń Dákẹ́ Sí

Àwòrán olópòó pọ̀ káàkiri lóde òní. Ìwé ìròyìn ń tẹ̀ ẹ́, ilé iṣẹ́ ìjọba ń fi í sínú ìwé àbọ̀ iṣẹ́ wọn, ó sì ń ti orí Wáṣáàpù ẹnì kan bọ́ sí ti ẹlòmíràn. Báà ṣáàtì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é: òpó kan fún ìpínlẹ̀ kan tàbí fún ọdún kan, bí òpó bá sì ṣe ga tó ni iye rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Ó dùn ún wò. Wàhálà rẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń yà á kì í kọ iye sórí òpó. Akọ̀ròyìn tó fẹ́ mọ iye ìgbà tí èrò Èkó fi pọ̀ ju ti Èkìtì lọ, tàbí olùkọ́ tó fẹ́ fi iye náà ṣe iṣẹ́ ìṣirò fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, á wo àwòrán títí, kò ní rí nọ́ńbà kankan tó lè mú lò.

A lè gba àwọn nọ́ńbà náà padà lára òpó. Ìṣirò ibẹ̀ kò ju ohun tí ọmọ ilé ìwé girama lè ṣe lọ. Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni kí ẹni tó gbà wọ́n padà sọ bí wọ́n ṣe péye mọ, nítorí pé àfojúbù ni wọ́n. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń fo apá yẹn. Wọ́n á wọn òpó, ẹ̀rọ ìṣirò á gbé 3,437,500 jáde, wọ́n á sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú àtẹ. Ẹni tó bá ka àtẹ náà lẹ́yìn wọn á rò pé ẹnì kan ló jókòó ka ènìyàn náà lọ́kọ̀ọ̀kan, nígbà tó jẹ́ pé ojú ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n lórí fóònù.

Ẹ jẹ́ ká mú àwòrán kan, ká ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ètò ìkànìyàn tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà lọ́dún 2006 ló dá lé. Òpó mẹ́fà ló wà níbẹ̀, fún ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà gúúsù ìwọ̀-oòrùn: Èkó, Ọ̀yọ́, Ògùn, Oǹdó, Ọ̀ṣun àti Èkìtì. Èmi ni mo yà á fúnra mi láti inú iye tí ìjọba tẹ̀ jáde, kí èsì tòótọ́ lè wà nípamọ́ tí a ó fi yẹ iṣẹ́ wa wò. Lẹ́yìn náà ni mo dín in kù, títí ó fi rí bí irú èyí tó máa ń dé orí fóònù lẹ́yìn tó ti gba ọwọ́ púpọ̀ kọjá. Lápá òsì rẹ̀ ni ìlà ìwọ̀n wà, a kọ 0 sí ìsàlẹ̀, lẹ́yìn náà 2, 4, 6, 8, títí dé 10 lókè. Mílíọ̀nù ènìyàn ni ìwọ̀n náà ń kà. Kò sí nọ́ńbà kan lórí òpó kankan.

Gbogbo àwòrán tó wà lórí ẹ̀rọ, ẹyọ àmì tíntìntín ni wọ́n tò pọ̀ tó fi di àwòrán. Píksẹ́lì ni à ń pè wọ́n. Bí ẹ bá ṣí àwòrán nínú Paint lórí kọ̀ǹpútà, tí ẹ gbé atọ́ka sórí ibì kan, nọ́ńbà méjì máa yọ sísàlẹ̀. Èkíní ń sọ bí ibẹ̀ ṣe jìn sí etí òsì, èkejì ń sọ bó ṣe jìn sí etí òkè. Èkejì yẹn la fẹ́ lò. Ẹ kíyè sí i pé láti òkè ni wọ́n ti ń kà á bọ̀ nísàlẹ̀, nítorí náà òpó tó ga jù ni nọ́ńbà orí rẹ̀ máa kéré jù. Ẹni tí kò bá fi èyí sọ́kàn á da àtẹ rẹ̀ dojú dé, Èkìtì á sì wá ju Èkó lọ. Ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà lè tẹ àwòrán náà sórí bébà, kó fi rúlà wọ̀n ọ́n ní mìlímítà. Ìṣirò kan náà ni.

Kí a tó fọwọ́ kan òpó, ìlà ìwọ̀n ni a ó kọ́kọ́ kà. A ó mú ibi méjì tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí, tí wọ́n jìnnà síra dáadáa. Nínú àwòrán tiwa, ìlà 0 wà ní píksẹ́lì 180, ìlà 10 sì wà ní píksẹ́lì 20. Ohun tó wà láàárín méjèèjì jẹ́ 160. Bí píksẹ́lì 160 bá gba mílíọ̀nù 10, píksẹ́lì kan ṣoṣo dúró fún 62,500 ènìyàn.

Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ sórí 62,500 yẹn, nítorí pé òun ni yóò pinnu ohun gbogbo tó kù. Ìlú ńlá kan lè gba iye ènìyàn bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ nínú àwòrán wa, ẹyọ àmì kan tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí ló gbà á. Bí a bá ń ka píksẹ́lì ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, àwòrán yìí kò lè fi ẹgbẹ̀rún ènìyàn mẹ́wàá hàn wá, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ pé ènìyàn márùn-ún tàbí mẹ́fà. Nọ́ńbà èyíkéyìí tó bá kéré ju èyí lọ nínú ohun tí a bá kọ, ẹ̀rọ ìṣirò ló fi kún un, kì í ṣe àwòrán.

Ó wá kan orí àwọn òpó. Mo gbé atọ́ka sí orí òpó Èkó, ó jẹ́ 34. Ọ̀yọ́ jẹ́ 91, Ògùn 120, Oǹdó 125, Ọ̀ṣun 125, Èkìtì 142. Ìṣirò ti Èkó lọ báyìí: 180 dín 34 jẹ́ 146, èyí ni gíga òpó náà. A pín 146 sí ọ̀nà 160, a sì fi 10 sọ ọ́ di púpọ̀, ó já sí mílíọ̀nù 9.125. Ẹni tó bá ń lo àtẹ ìṣirò orí kọ̀ǹpútà lè kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kó sì fà á wá sílẹ̀ fún àwọn yòókù:

```
=(180-B2)/(180-20)*10
```

Ọ̀yọ́ á fún wa ní 5.5625, Ògùn 3.75, Oǹdó àti Ọ̀ṣun 3.4375 àwọn méjèèjì, Èkìtì 2.375.

Irinṣẹ́ kan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ WebPlotDigitizer, tí Ankit Rohatgi ṣe, tó máa ń bá ènìyàn ṣe ìṣirò yìí. Ẹ ó fi atọ́ka tẹ ibi méjì lórí ìlà ìwọ̀n, ẹ ó sọ iye wọn fún un, ẹ ó sì tẹ orí àwọn òpó, òun ló máa pín, tó máa sọ di púpọ̀. Ó dára púpọ̀ fún àwòrán tí òpó rẹ̀ bá pọ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà rẹ̀ máa ń gùn lẹ́yìn àmì ìdá, gígùn yẹn sì ti tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Ibi tí ọwọ́ ènìyàn bá tẹ̀ ló ń kà, kò mọ̀ bóyá ọwọ́ náà gbọ̀n.

Ká wá bi ara wa: báwo la ṣe mọ̀ pé 34 ni orí òpó Èkó, tí kì í ṣe 33 tàbí 35? Tí ẹ bá mú àwòrán náà súnmọ́ ojú dáadáa, ẹ ó rí i pé orí òpó kò mú bí etí ọ̀bẹ. Àwòrán tí wọ́n ti fún pọ̀ kó lè tètè rìn lórí fóònù máa ń ṣú létí. Àwọ̀ òpó á kọ́kọ́ pọ́n dáadáa, á wá rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ní píksẹ́lì méjì tàbí mẹ́ta kó tó di funfun. Ibi tí àwọ̀ náà bá ti dé agbedeméjì pípọ́n àti funfun ni kí ẹ mú, kí ẹ sì máa mú ibẹ̀ lórí gbogbo òpó. Bákan náà ni ìlà ìwọ̀n, tó bá nípọn, àárín rẹ̀ ni kí ẹ kà. Bí ẹ bá mú òkè ìlà fún òpó kan, tí ẹ sì mú ìsàlẹ̀ rẹ̀ fún òmíràn, ẹ ti fi ọwọ́ ara yín dá ìyàtọ̀ sílẹ̀ tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ọ̀nà kan tó dájú láti mọ bí ọwọ́ ẹni ṣe ń gbọ̀n tó ni kí á tún un kà. Ẹ fi ìwé bo nọ́ńbà àkọ́kọ́, ẹ sinmi, ẹ padà wá kà á lákọ̀tun láìwo ti tẹ́lẹ̀. Ó tún dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ tí ẹlòmíràn bá bá yín kà á. Bí ìkà méjèèjì bá fi píksẹ́lì kan yàtọ̀ síra lórí ọ̀pọ̀ òpó, ẹ ti mọ̀ pé píksẹ́lì kan ni àṣìṣe ọwọ́. Bó bá fi mẹ́rin yàtọ̀, mẹ́rin náà ni, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rọ̀ yín láti kọ ohun tó kéré jù bẹ́ẹ̀. Fún àwòrán tiwa, mo gbà pé orí òpó lè fi píksẹ́lì kan lọ sókè tàbí kó wá sísàlẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe orí òpó nìkan la kà. Ìlà 0 àti ìlà 10 náà, ojú la fi kà wọ́n, àwọn náà lè yẹ̀ ní píksẹ́lì kan. Ìlà 0 tó bá yẹ̀ máa ń kan òpó kúkurú jù, ìlà 10 tó bá yẹ̀ sì máa ń kan òpó gíga jù. Tí a bá pa méjèèjì pọ̀, kò sí òpó kan tí wọ́n lè fi ju píksẹ́lì kan lọ bàjẹ́. Nítorí náà, bí orí òpó bá fi ẹyọ kan yẹ̀, tí ìlà ìwọ̀n sì fi ẹyọ kan yẹ̀ lọ́nà kan náà, píksẹ́lì méjì ló di yẹn, ìyẹn 125,000 ènìyàn. Kò wọ́pọ̀ kí méjèèjì burú tó bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n sì tún dojú kọ apá kan náà. Mo mú 100,000 fún àṣìṣe ìkà. Lẹ́yìn náà, mo fẹ́ kọ iye náà pẹ̀lú nọ́ńbà kan péré lẹ́yìn àmì ìdá, kó má baà dà bí ohun tó péye jù bó ṣe rí lọ. Ìgékúrú yẹn náà lè gba tó 50,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 150,000, tàbí mílíọ̀nù 0.15, sókè tàbí sísàlẹ̀. Àtẹ wa wá rí báyìí, mílíọ̀nù ènìyàn ni gbogbo iye rẹ̀ yàtọ̀ sí ti píksẹ́lì:

| Ìpínlẹ̀ | Orí òpó (píksẹ́lì) | Àfojúbù | Kò yẹ kó dín ní | Kò yẹ kó ju |
|---|---|---|---|---|
| Èkó | 34 | 9.1 | 8.95 | 9.25 |
| Ọ̀yọ́ | 91 | 5.6 | 5.45 | 5.75 |
| Ògùn | 120 | 3.8 | 3.65 | 3.95 |
| Oǹdó | 125 | 3.4 | 3.25 | 3.55 |
| Ọ̀ṣun | 125 | 3.4 | 3.25 | 3.55 |
| Èkìtì | 142 | 2.4 | 2.25 | 2.55 |

Mo fi nọ́ńbà píksẹ́lì sílẹ̀ sínú àtẹ kí ẹlòmíràn tó ní àwòrán náà lè yẹ̀ mí lọ́wọ́ wò. Ó yani lẹ́nu bí àwọn ènìyàn ṣe máa ń yára pa á rẹ́, nígbà tó jẹ́ pé òun nìkan ni ẹ̀rí tó wà.

Ẹ tún wo nǹkan kan nínú rẹ̀. 150,000 kan náà ni mo fún gbogbo ìpínlẹ̀, ṣùgbọ́n kò wúwo bákan náà lórí wọn. Lára Èkó, kò tó 2 nínú ọgọ́rùn-ún. Lára Èkìtì, ó lé ní 6 nínú ọgọ́rùn-ún. Bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí lára òpó: àṣìṣe máa ń dọ́gba ní píksẹ́lì, òpó kúkurú ló sì máa ń jẹ ìyà rẹ̀ jù. Ẹni tó bá kọ sábẹ́ àtẹ rẹ̀ pé gbogbo iye ló péye dé 2 nínú ọgọ́rùn-ún ti parọ́ mọ́ Èkìtì láìmọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń fẹ́ kí a kọ àṣìṣe náà ní iye ènìyàn, tàbí kí a kọ ààlà méjèèjì fún òpó kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí mo ti ṣe.

Ohun tí akọ̀ròyìn yẹn fẹ́ mọ̀ ńkọ́? 9.1 pín sí ọ̀nà 2.4 jẹ́ bíi 3.8. Ṣùgbọ́n tí Èkó bá wà ní ìsàlẹ̀ ààlà rẹ̀, tí Èkìtì wà lókè, ìdáhùn á jẹ́ 3.5. Tó bá jẹ́ òdìkejì, á jẹ́ 4.1. Ó lè kọ ọ́ láìfòyà pé èrò Èkó tó ìlọ́po mẹ́rin ti Èkìtì, bí ó bá fi "bíi" síwájú rẹ̀. Kò lè kọ 3.79. Ó sì lè sọ pé Ògùn ju Oǹdó lọ, nítorí pé ìsàlẹ̀ ààlà Ògùn, 3.65, ṣì ga ju òkè ààlà Oǹdó, 3.55.

Àmọ́ ẹni tó bá béèrè pé láàárín Oǹdó àti Ọ̀ṣun, èwo ló pọ̀ jù, àwòrán yìí kò ní ìdáhùn fún un. Píksẹ́lì 125 ni méjèèjì. Ìdáhùn tó tọ̀nà ni pé wọn kò ṣeé yà sọ́tọ̀ níbí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ pé wọ́n dọ́gba, nítorí pé ìyẹn náà jẹ́ ohun tí àwòrán kò sọ.

Ó tó àkókò láti ṣí èsì. Iye ìkẹyìn tí ìjọba tẹ̀ jáde nínú ìwé ìkéde rẹ̀ lọ́dún 2009 nìwọ̀nyí: Èkó 9,113,605, Ọ̀yọ́ 5,580,894, Ògùn 3,751,140, Oǹdó 3,460,877, Ọ̀ṣun 3,416,959, Èkìtì 2,398,957. Gbogbo wọn ló bọ́ sínú ààlà tí a fún wọn. Oǹdó ni a fi jìnnà sí òótọ́ jù, a fi nǹkan bí 61,000 dín in kù, ìgékúrú ló sì fa èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ti Èkìtì kò yàtọ̀ ju bíi 1,000 lọ, oríire lásán nìyẹn. Tí ẹ bá ro àfojúbù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀, ẹ ó rí mílíọ̀nù 27.7, àpapọ̀ tòótọ́ sì jẹ́ 27,722,432. Ìyẹn náà kò yẹ kó tan ẹnikẹ́ni. Lótìítọ́, àṣìṣe orí òpó máa ń pa ara rẹ̀ rẹ́ díẹ̀ nínú àpapọ̀, èyí lọ sókè, tọ̀hún wá sísàlẹ̀. Àṣìṣe ìlà ìwọ̀n kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Tí ìlà 0 àti ìlà 10 bá jọ fi píksẹ́lì kan yẹ̀ sí apá kan náà, ó máa ba òpó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jẹ́ lọ́nà kan náà, àpapọ̀ á sì fi 375,000 ṣìnà.

Ìyàtọ̀ Oǹdó àti Ọ̀ṣun jẹ́ 43,918, kò tó píksẹ́lì kan. Abájọ tí wọ́n fi di ọ̀kan náà lójú wa. Nínú àwòrán tí mo kọ́kọ́ yà, kí n tó dín in kù, píksẹ́lì 480 ló wà láàárín 0 àti 10, píksẹ́lì kan sì jẹ́ nǹkan bí 20,800 ènìyàn. Níbẹ̀, òpó Oǹdó fi píksẹ́lì méjì ga ju ti Ọ̀ṣun, ẹni tó bá fara balẹ̀ lè rí i. Nítorí náà, kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí wọn àwòrán kékeré, ó yẹ kí a wá èyí tó tóbi jù lọ. Ìwé àbọ̀ tí wọ́n ti mú un jáde sábà máa ń ní èyí tó mọ́. Ẹ má sì rò pé fífẹ àwòrán kékeré sí i lójú ẹ̀rọ á tún un ṣe. Píksẹ́lì kan náà ni ẹ̀rọ á kàn fẹ̀ di búlọ́ọ̀kù ńlá, ohun tó ti sọnù kò ní padà wá.

Gbogbo ohun tí a ti ń sọ bọ̀, àṣìṣe kékeré ni. Èyí tó ń ba àtẹ jẹ́ ràì kò sí lọ́wọ́ tó gbọ̀n, ó wà nínú bí wọ́n ṣe ya àwòrán náà. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni ìlà ìwọ̀n tí kò bẹ̀rẹ̀ láti 0. Ká ní mo bẹ̀rẹ̀ tiwa láti mílíọ̀nù 2. Òpó Èkìtì á kúrú bí kùkùté, nítorí pé 0.4 péré ló kù fún un, Èkó á sì ní 7.1. Ẹni tó bá fi ojú lásán wo gíga wọn á rò pé Èkó fi nǹkan bí ìlọ́po méjìdínlógún ju Èkìtì lọ, nígbà tí òótọ́ rẹ̀ kò tó mẹ́rin. Ìdí tí mo fi ní kí a ka ibi méjì tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí nìyí. Ẹni tó bá ka ibi méjì kò ní kó sínú pàkúté yìí, nítorí pé nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ ni yóò lò, yóò sì fi kún ohun tó bá wọ̀n. Ẹni tó bá rò pé ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ 0 ló máa ń kó sí i.

Ẹ ka nọ́ńbà kẹta pẹ̀lú láti fi dán ara yín wò. Nínú àwòrán tiwa, ìlà 4 yẹ kó wà ní píksẹ́lì 116. Bó bá wà níbẹ̀, ìwọ̀n náà dọ́gba. Bí kò bá sí níbẹ̀, nǹkan wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ náà. Ó lè jẹ́ ìwọ̀n tó ń fi ìlọ́po lọ, tí wọ́n kọ 1, 10, 100 sí ọgbọọgba, tí ọ̀nà ìṣirò wa kò bá a mu rárá. Ó sì lè jẹ́ pé àwòrán náà dagun, bíi ti ẹni tó fi fóònù ya ojú ìwé láti ẹ̀gbẹ́. Tó bá dagun, ẹ má ka ìlà 0 àti ìlà 10 ní etí òsì nìkan. Ẹ kà wọ́n ní tòsí òpó kọ̀ọ̀kan, kí òpó kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tirẹ̀. Iṣẹ́ á pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́.

Ti òpó tí wọ́n yà bí àpótí, tó ní iwájú, ẹ̀gbẹ́ àti òrùlé, mi ò ní fi bò: n kì í fẹ́ràn rẹ̀. Ìlà ìwọ̀n wà lára ògiri ẹ̀yìn, òpó dúró síwájú, kò sì sí ẹni tó mọ̀ bóyá etí iwájú ni ká kà ni tàbí etí ẹ̀yìn. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ lò ó, ẹ ka méjèèjì, kí ẹ sì fi ìyàtọ̀ wọn ṣe ààlà. Ààlà náà á fẹ̀ gan-an, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Òpó tí wọ́n to orí ara wọn, tí ọkùnrin wà nísàlẹ̀ tí obìnrin wà lókè, ní tirẹ̀ ní ìṣòro tó rọrùn jù: apá òkè ní etí méjì tí a gbọ́dọ̀ kà, àṣìṣe rẹ̀ sì lè tó ìlọ́po méjì ti ìsàlẹ̀.

Nǹkan kan ṣì wà tí píksẹ́lì kò mọ̀ nípa rẹ̀. 150,000 tí a kọ yẹn ń sọ bí a ṣe ka òpó sí, kò sọ bí wọ́n ṣe ka ènìyàn sí. Kí iye ìkẹyìn tó jáde, ìjọba ti kọ́kọ́ tẹ iye ìgbà díẹ̀ jáde, nínú èyí tí Èkó jẹ́ 9,013,534 tí Ọ̀yọ́ sì jẹ́ 5,591,589. Ìyàtọ̀ ti Èkó lé díẹ̀ ní 100,000. Ààlà wa, láti 8.95 sí 9.25, gba iye méjèèjì wọlé, nítorí náà bí kì í bá ṣe èmi ni mo ya àwòrán náà, mi ò bá má lè sọ láti ara òpó èyí tí wọ́n lò nínú wọn. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó pàápàá kò gba èyíkéyìí nínú wọn. Iye tí wọ́n kà fúnra wọn lọ́dún 2006 lé ní mílíọ̀nù 17.5, òpó bẹ́ẹ̀ á sì ga ré kọjá orí àwòrán wa pátápátá. Kò sí bí a ṣe lè fi àṣìṣe ìkà bo ìyàtọ̀ tó tó bẹ́ẹ̀, ibòmíràn ni àríyànjiyàn yẹn wà.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí mo kọ sábẹ́ àtẹ mi rèé, ẹni tó bá fẹ́ lè mú un lò: "Àfojúbù ni gbogbo iye yìí, a kà wọ́n lára òpó inú àwòrán kan tí kò ní nọ́ńbà lórí. Píksẹ́lì kan jẹ́ 62,500 ènìyàn. Iye kọ̀ọ̀kan lè fi 150,000 lé tàbí kó fi bẹ́ẹ̀ dín nítorí ìkà àti ìgékúrú nìkan. Oǹdó àti Ọ̀ṣun kò ṣeé yà sọ́tọ̀. Iye ìkànìyàn ti ọdún 2006 ni àwòrán náà gbé lé, a kò sì yẹ ìkànìyàn náà wò."